Ogún àwòrán, ogún sẹ́kọ́ndì: bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ PechaKucha

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fi PechaKucha sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kan ní Adó-Èkìtì, òfin tí wọn yóò kà fún yín kò ju ìlà kan lọ: 20 sláìdì, sláìdì kọ̀ọ̀kan yóò wà lójú ògiri fún 20 sẹ́kọ́ndì, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa ṣí wọn. Ẹ̀yin kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400 sẹ́kọ́ndì, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 àti 40 sẹ́kọ́ndì. Bí ó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ̀ báà ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ tán, ẹ̀ báà kù ú sẹ́nu.

Astrid Klein àti Mark Dytham ló dá a sílẹ̀ ní Tókíò lọ́dún 2003. Ayàwòrán ilé ni àwọn méjèèjì. Ìrírí wọn ni pé bí wọ́n bá gbé máìkì lé ayàwòrán ilé lọ́wọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa fúnra rẹ̀ ṣí àwòrán, kò ní sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n wá gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ olùsọ̀rọ̀, wọ́n fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáàn tó túmọ̀ sí ariwo ìtàkúrọ̀sọ ni orúkọ náà.

Òfin náà rọrùn láti kà. Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé wọ́n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ogún ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ nọ́ńbà 1 dé 20 sórí ìwé, wọ́n á máa wá ohun tí wọn yóò kọ síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni bá tò ó báyìí, àwọn olùgbọ́ yóò gbọ́ ohun ogún tí kò so mọ́ra, tí wọ́n bá sì fi máa dé ìkẹjọ, wọ́n ti gbàgbé ìkẹta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni PechaKucha. Ó gùn tó 400 sẹ́kọ́ndì, àwòrán ogún sì ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí ìlù ṣe ń lọ lẹ́yìn oníjó. Onílù yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí ìdì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní sláìdì tirẹ̀, kí ẹ tó ronú kan sláìdì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé sọ ní Èkìtì, ká sì tò ó tán: ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni gbólóhùn kan tí gbogbo 400 sẹ́kọ́ndì náà ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá. Fún ọ̀rọ̀ yìí a lè kọ pé: "Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìpàdé ọba Ìkẹ́rẹ́ àti òyìnbó sára ìlẹ̀kùn, bó sì ṣe gbẹ́ ẹ fi hàn ẹni tó kà sí àgbà." Gbólóhùn yìí ló ń lé àwòrán tí kò wúlò dànù. Ìtàn ìlú Ìkẹ́rẹ́ dùn, àpáta Olósùnta lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣiṣẹ́ fún gbólóhùn yẹn, nítorí náà wọn kò wọlé. Ẹni tí kò bá kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ yóò máa kó àwòrán jọ nítorí pé wọ́n dára lójú, bí ó bá sì di alẹ́ ọjọ́ kejì, 34 ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní mọ èyí tí yóò yọ.

Lẹ́yìn náà la wá pín in sí ìdì. Sláìdì 1 sí 3 ni ìlẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀: bó ṣe wà lónìí, òyìnbó kan tó ká jọ sínú ibùsùn aláṣọ, àti ìbéèrè pé kí ló gbé e dé ibẹ̀. Ìyẹn gba 60 sẹ́kọ́ndì. Sláìdì 4 sí 8 jẹ́ ti agbẹ́gilére náà: a bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó dàgbà di akọni agbẹ́gilére ní Ìṣẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìṣẹ̀, ó sì gbẹ́ ọpọ́n kan tí orí kan ń yí kiri nínú àwọn ère tó gbé e dúró tí kò ṣeé yọ, nítorí ara igi kan náà ló ti gbẹ́ orí yẹn. 100 sẹ́kọ́ndì nìyẹn. Sláìdì 9 sí 14 ni àárín ọ̀rọ̀, ibi tí a ti ń ka ìlẹ̀kùn náà bí ẹni ń ka ìwé: Ògògà lórí ìtẹ́, olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó, àwọn tó rù ú, bí ère ṣe yọ síta lára pákó, àti ọ̀dà ara rẹ̀. 120 sẹ́kọ́ndì. Sláìdì 15 sí 18 ni bó ṣe kúrò nílé: ó dé ibi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wẹ́ńbílì lọ́dún 1924, ilé ọnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì bèèrè rẹ̀, Ògògà kò sì tà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. 80 sẹ́kọ́ndì. Sláìdì 19 àti 20 mú wa padà sí Ìkẹ́rẹ́, 40 sẹ́kọ́ndì.

Ẹ wò ó pé ìdì wọ̀nyí kò dọ́gba. Kò yẹ kí wọ́n dọ́gba. Ibi tí ẹran ọ̀rọ̀ wà ló yẹ kó gba sláìdì jù, níbí ó jẹ́ kíka ìlẹ̀kùn náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ìbẹ̀rẹ̀ jẹ sláìdì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án: ta ni Ọlọ́wẹ̀, níbo ni Èkìtì wà, kí ni iṣẹ́ ọnà. Bí àwọn olùgbọ́ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láìtíì rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá, ìdajì àkókò ti lọ nìyẹn. Ìdí tí a fi fi ìlẹ̀kùn náà síwájú agbẹ́gilére nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á fẹ́ mọ ẹni náà, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìbí rẹ̀ yóò tó wọ̀ wọ́n létí.

Ìdì tún ń gbà yín lọ́wọ́ ìṣòro mìíràn. Àwọn ohun kan wà tí 20 sẹ́kọ́ndì kò gbà. Bí ilé ọnà ṣe bèèrè ìlẹ̀kùn àti bí Ògògà ṣe gba ìtẹ́ dípò rẹ̀ nílò bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe fún un pa sínú sláìdì kan. Ẹ fún un ní sláìdì mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, kí àwòrán máa yí padà nígbà tí ìtàn náà ń bá a lọ láìdúró. Olùgbọ́ kò mọ̀ pé sláìdì mẹ́ta ni, ìtàn kan ló gbọ́.

Ó kan iye ọ̀rọ̀. Ẹnu kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà ẹ má gba iye tí ẹlòmíràn bá sọ fún yín. Ẹ mú ojú ìwé kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ kà á sókè bí ẹ ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹ ṣí aago fóònù, kí ẹ dúró nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá pé. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kà, ẹ pín in sí mẹ́ta. Iye yẹn ni 20 sẹ́kọ́ndì yín. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ìdá márùn-ún rẹ̀ kúrò, nítorí sláìdì kì í gba ọ̀rọ̀ tó kún 20 sẹ́kọ́ndì bámú. Sẹ́kọ́ndì 16 tàbí 17 ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù ni ti èémí, ti ẹ̀rín àwọn olùgbọ́, àti ti ahọ́n tó lè kọsẹ̀.

Kíka iye ọ̀rọ̀ ní Yorùbá sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. "Ó", "ń", "sì" àti "ni" jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, wọn kì í sì í gba àkókò, nígbà tí "Kápútéènì" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó gba ẹnu bí márùn-ún. Nítorí náà, ẹ fi iye ọ̀rọ̀ mọ ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n aago ni kí ẹ fi dájọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo sláìdì 11, níbi tí òyìnbó ti yọ. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ bí ìwé yóò ṣe kọ ọ́ rèé:

"Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń wò ó lójú àwòrán yìí, ọ̀gbẹ́ni tí ẹ rí níbí ni òyìnbó aláṣẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kápútéènì Ambrose, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí agbègbè Èkìtì ní àsìkò náà láti máa ṣàbójútó, tí ó sì wá kí Ògògà ní ààfin rẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì rù ú wá nínú ibùsùn aláṣọ nítorí pé kò fi ẹsẹ̀ rìn."

Ó lé ní ọgọ́ta ọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sí ibi tí a ti lè mí. Bí ẹ bá kà á sókè, sláìdì 12 yóò ti dé kí ẹ tó débi ibùsùn aláṣọ, àwọn olùgbọ́ yóò sì máa wá òyìnbó lára àwọn tó rù ú. Ẹ wá wo èyí:

"Òyìnbó nìyí. Rírù ni wọ́n rù ú wá. Kápútéènì Ambrose ni, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkìtì; ó wá kí Ògògà. Ẹ wo bó ṣe ká jọ sínú ibùsùn aláṣọ yẹn. Ẹ rántí bí Ògògà ṣe jókòó lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀rọ̀ 37 ni. Ní ìsọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó gba nǹkan bíi sẹ́kọ́ndì 16 sí 17. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì mọ sórí gígùn nìkan. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrú, nítorí ojú ló ń ṣiṣẹ́ ní sẹ́kọ́ndì méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àwòrán tuntun bá yọ. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ràn dáadáa nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti sọ orúkọ tàbí ọdún síbẹ̀ ti sọ ọ́ dànù. Orúkọ òyìnbó náà wà láàárín, níbi tí etí ti ṣí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn pe sláìdì 9 padà, ó so ohun méjì pọ̀ fún olùgbọ́, kò sì ní ohun tuntun kankan nínú. Bí àwòrán bá tètè yí padà lórí rẹ̀, kò sí ohun tó sọnù. Bí ẹ bá lè kọ sláìdì mẹ́wàá péré lọ́nà yìí, kí ẹnu wọlé pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú, kí ẹran ọ̀rọ̀ wà láàárín, kí ìparí jẹ́ ohun tó ṣeé gé, ọ̀rọ̀ yín kò ní lè já sí wẹ́wẹ́.

Sláìdì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìwé kíkà. Bí ẹ bá kọ ìlà mẹ́rin sára rẹ̀, àwọn olùgbọ́ yóò máa kà á nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, wọn kò ní gbọ́ yín, wọn kò sì ní kà á tán kó tó lọ. Àwòrán kan, tó kún gbogbo ojú, ló tó. Bí orúkọ kan bá ṣòroó gbọ́, ẹ kọ orúkọ náà nìkan. Bí ẹ bá mú àwòrán láti inú àkójọ ilé ọnà, ẹ ka àdéhùn ìlò rẹ̀ lójú ewé tí ẹ ti mú un, kí ẹ sì kọ orúkọ olówó rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré sí ìsàlẹ̀.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ PechaKucha jẹ́ ni fífà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ká ní ẹ fi sẹ́kọ́ndì méjì péré kọjá àkókò lórí sláìdì kọ̀ọ̀kan. Lórí sláìdì kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn sláìdì mẹ́wàá, ó ti di 20 sẹ́kọ́ndì, ẹ ń sọ ti olorì nígbà tí òyìnbó wà lójú ògiri. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àwòrán ni yóò máa tako ẹnu yín. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀ máa ń sáré ọ̀rọ̀, ìyẹn sì tún burú sí i. Yorùbá tí a bá sáré sọ ń pàdánù àmì ohùn rẹ̀, "ọkọ́" àti "ọkọ̀" á máa jọra létí, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn kò ní mọ èwo lẹ ń wí.

Ojútùú rẹ̀ ni sláìdì ìsinmi. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú ọ̀rọ̀ náà, ó dára kí wọ́n wà ní ìparí ìdì: nínú àpẹẹrẹ wa, sláìdì 8 tí ọpọ́n wà, àti sláìdì 14 tí a ti rí gbogbo ìlẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ndì 8 tàbí 9 ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé sláìdì 8 lásìkò, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ dákẹ́, kí àwọn èèyàn wo orí tó wà nínú ọpọ́n náà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe àbùkù, àwòrán tó lágbára nílò rẹ̀. Bí ẹ bá ti fà sẹ́yìn ní sẹ́kọ́ndì mẹ́wàá, ibẹ̀ lẹ ti gbà á padà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ti fà sẹ́yìn rí. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, ẹ fi gbólóhùn tó kù sílẹ̀, kí ẹ fò sí àwòrán tó wà lójú ògiri. Àwọn olùgbọ́ kò ní ìwé yín lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kò sọ kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti ilé wa gan-an: ìkíni. Kò sí bí a ṣe lè dúró níwájú Kábíyèsí, àwọn ìjòyè, àwọn àgbà àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ ká má kí wọn, ó sì yẹ ká kí wọn dáadáa. Ìkíni tó kún ń gba bí 40 sẹ́kọ́ndì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò nígbà tí ẹ ṣì ń wí pé "Ẹ kú ìkàlẹ̀", sláìdì méjì ti lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì ní rí wọn gbà padà. Ẹ má gé ìkíni kúrú. Ẹ ṣe sláìdì kan sí iwájú, ẹ pè é ní òdo, kí orúkọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ yín nìkan wà lórí rẹ̀, kó má sì lè ṣí fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó dúró sí títí ẹ ó fi kí gbogbo ẹni tó yẹ. Nígbà tí ẹ bá kí tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, 400 sẹ́kọ́ndì bẹ̀rẹ̀. Òfin kò sọ pé ìkíni kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún olùdarí ètò ṣáájú kó má baà rò pé ẹ ti ń jẹ àkókò.

Bákan náà ni ẹ fi sláìdì dúdú kan sẹ́yìn ogún, tí òun náà kò ní ṣí fúnra rẹ̀. Láìsí i, bí sláìdì 20 bá parí, ètò náà lè ti ara rẹ̀, kí gbogbo gbọ̀ngàn máa wo fáìlì inú kọ̀ǹpútà yín.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ nínú PowerPoint kò le. Ẹ yan sláìdì ogún náà, àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí òdo àti dúdú má sí nínú wọn. Ẹ lọ sí `Transitions`, ẹ yan `None`. Lápá ọ̀tún níbi `Timing`, ẹ yọ àmì kúrò níwájú `On Mouse Click`, ẹ fi àmì sí `After`, ẹ kọ `00:20.00`. Ẹ má tẹ `Apply To All`, nítorí yóò mú òdo àti dúdú mọ́ ọn. Àwọn méjì yẹn, `On Mouse Click` nìkan ni kó wà níwájú wọn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí `Slide Show`, kí ẹ rí i pé àmì wà níwájú `Use Timings`. Bí ìyẹn kò bá sí níbẹ̀, kò sí sláìdì tó máa ṣí, ohun tó wù kí ẹ ti kọ.

Ìdí tí a fi yan `None` ni pé àfikún bí àwòrán ṣe ń fò, tó ń rá wọlé, ń gba àkókò tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fi nǹkan tó ń rìn sínú sláìdì, tí ìrìn rẹ̀ gùn ju 20 sẹ́kọ́ndì lọ, sláìdì náà yóò dúró dè é kó tó yí padà, ìṣirò yín á sì dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan yọ díẹ̀díẹ̀ lójú kan lè lo sláìdì méjì.

Ní ti Google Slides, àkókò tó wà nínú àkójọ rẹ̀ fo láti 15 sí 30, kò sí 20 níbẹ̀. Ẹ lo `Publish to web`, ẹ mú ìlà àdírẹ́sì tó bá fún yín, kí ẹ yí ìparí rẹ̀ padà báyìí:

```
start=false&loop=false&delayms=20000
```

20000 yẹn ni 20 sẹ́kọ́ndì, nítorí ó ń ka sẹ́kọ́ndì kan sí ẹgbẹ̀rún. Ọ̀nà yìí ń fún gbogbo sláìdì ní àkókò kan náà, ó sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nínú gbọ̀ngàn tí ẹ kò mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ní kí ẹ fi fáìlì ránṣẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tiwọn ṣe é. Ibẹ̀ ni àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ti ń bọ́: bí irú lẹ́tà tí ẹ lò kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà wọn, "Ọlọ́wẹ̀" lè di àpótí òfìfo mẹ́ta láàárín lẹ́tà tó kù. Ẹ sọ ọ́ di fídíò. Ẹ kọ́kọ́ yọ sláìdì òdo àti dúdú kúrò nínú ẹ̀dà kan, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí `File`, `Export`, `Create a Video`, kí ẹ yan èyí tó ń lo àkókò tí ẹ ti fi sí i. Nígbà tó bá parí, ẹ wo gígùn fídíò náà. 6:40 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 1:40, kọ̀ǹpútà ti lo sẹ́kọ́ndì 5 tirẹ̀ fún sláìdì kọ̀ọ̀kan, kò ka tiyín sí. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí Wáàtsáàpù, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, yóò fún un pọ̀, ère tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí á sì ṣú. PDF kò wúlò fún èyí rárá, kì í gbé àkókò dání.

Ìdánrawò ni yóò fi hàn yín bóyá ètò náà dúró. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé, ẹ ṣí sláìdì kí wọ́n máa yí fúnra wọn, ẹ dìde dúró, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè. Ẹ ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó mú bírò dání. Níbi tí àwòrán bá ti yí padà, kó fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ wà ní àkókò yẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 6 àti 40 sẹ́kọ́ndì, ìwé náà yóò sọ ohun gbogbo fún yín. Bí ìlà bá bọ́ sí inú gbólóhùn tó kẹ́yìn lórí sláìdì kan, kò burú. Bí ó bá bọ́ sáàárín, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ gé e. Bí ìlà bá ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti sláìdì kan dé èkejì, tó fi di pé ìlà kejìlá wà nínú ọ̀rọ̀ kọkànlá, kì í ṣe sláìdì 12 ló ní àìsàn náà. Ẹ padà sẹ́yìn títí dé ibi tí ìlà ti kọ́kọ́ kúrò nípò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé. Ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún báyìí ló sábà máa ń tó. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ mọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sláìdì kọ̀ọ̀kan sórí, kí àwòrán máa rán yín létí ìyókù. Ẹni tó bá há gbogbo rẹ̀ sórí lẹ́tà sí lẹ́tà máa ń kú sójú kan bí ọ̀rọ̀ kan bá jábọ́, sláìdì kò sì ní dúró dè é.

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà síbi tí ojú yín ti lè rí i láìyí ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, kí bátìrì rẹ̀ sì kún. Bí iná bá lọ, pùrójẹ́tọ̀ yóò kú, ṣùgbọ́n àwọn sláìdì inú kọ̀ǹpútà yóò máa yí lọ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹ tẹ lẹ́tà `S` lójú ẹsẹ̀ kí ètò náà dúró. Bí iná bá dé, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ láti ibi tó wà. Ẹ dán an wò nílé, kí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n.

Ó ku sláìdì 20. Ẹ má fi "Ẹ ṣé púpọ̀" síbẹ̀, nítorí ẹ ó ti fi ìdá kan nínú ogún ọ̀rọ̀ yín ṣòfò. Ẹ lè dúpẹ́ nígbà tí ojú bá ti dúdú. Nínú àpẹẹrẹ wa, ojú Ògògà tó jókòó lórí ìtẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ohun kan náà tí a rí lórí sláìdì 9, ṣùgbọ́n ní ìtòsí ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ndì 12 péré ni kí ẹ kọ sí i, pé ọba yìí fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ gba ìtẹ́ òyìnbó, agbẹ́gilére rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ gbé e ka orí ìtẹ́ tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Sẹ́kọ́ndì mẹ́jọ tó kù, kí gbogbo gbọ̀ngàn máa wo ojú náà, títí àwòrán yóò fi di dúdú fúnra rẹ̀.